Ìbéèrè Kan Nínú Igba Àmì

Ìpolówó iṣẹ́ náà sọ ohun púpọ̀. Ó sọ pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi èso inú páálí ní Ìbàdàn ń wá ẹni tí yóò máa yẹ ọjà wò kí ó tó jáde lọ sí ọjà. Ó sọ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ ti kọ́ ìmọ̀ nípa oúnjẹ ní yunifásítì tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, àti pé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ti ìlẹ̀kùn. Ohun kan tí kò sọ ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì yẹn ni òun yóò parí ìsìnlú rẹ̀. Gbogbo nǹkan yòókù ló ní. Ìwé kan ṣoṣo yẹn ni kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n tí ó lè fi gbà á ṣáájú, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n bá parí ni wọ́n ń pín in.

Ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ètò àgùnbánirọ̀ ti wà láti 1973. Ẹni tó bá jáde ní yunifásítì tàbí gbogboniṣe lónìí, tí kò tíì kọjá ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde, ní láti fi ọdún kan sin ìlú, àwọn agbanisíṣẹ́ a sì máa béèrè ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Lórí ojú-ewé tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ Ìbàdàn yìí, ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ṣé o ti parí ìsìnlú? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí àyè fún àlàyé. Bí ó bá tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bí ó bá tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà ti yọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú ènìyàn tó kàn án, torí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń sẹ́ ìwé ìwáṣẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Èèpo ni wọ́n fẹ́ yọ, ṣùgbọ́n ajọ̀ kò mọ èèpo yàtọ̀ sí ọkà tí kò kúnná tó.

Ẹnìkan wà tó lè dáhùn. Orí LinkedIn ni wọ́n gbé ìpolówó náà sí. LinkedIn ni ìkànnì àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́. Ó ti wà láti 2003, ó ṣáájú Facebook dé. Níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jó jùlọ nínú fídíò ni wọ́n ń wò, iṣẹ́ tí olúkúlùkù ṣe rí àti ibi tó ti ṣe é ni. Bí ẹni tó gbé iṣẹ́ síta bá fẹ́, orúkọ àti àwòrán rẹ̀ yóò hàn lábẹ́ ìpolówó, níbi tí wọ́n kọ `Meet the hiring team` sí. Ti iṣẹ́ yìí hàn. Obìnrin kan ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì sí ẹni tí wọ́n jọ mọ̀. Kí ó tó lè bá a sọ̀rọ̀ láì sanwó, ó ní láti tẹ `Connect`, kí ó sì tẹ `Add a note` láti fi ìwé kékeré kan ti ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́yìn. Lórí àkàùntì ọ̀fẹ́ bíi tirẹ̀, ìwé kékeré yẹn kò gbọdọ̀ ju 200 àmì lọ. Lẹ́tà jẹ́ àmì kan, àlàfo jẹ́ àmì kan, kọ́mà pàápàá jẹ́ àmì kan. Ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó lè kọ láàárín oṣù kan, nítorí náà kò lè máa fi dánra wò. (Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ irú rẹ̀. Bí ó bá ṣe Yorùbá tó gbé àmì ohùn dání ni, àyè ìbá tètè tán ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ méjì lójú kọ̀ǹpútà: ẹ lọ́tọ̀, àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀.)

Bàbá mi gba iṣẹ́ náà ṣe kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà, àdírẹ́sì lápá ọ̀tún, déètì lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kí obìnrin náà, kí ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí ó tọrọ gáfárà pé òun ń dá iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ohun tó kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ ẹ́ bí bàbá ṣe ń pè é. Nígbà tí ó parí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àmì 187 ti lọ. Àmì 13 ló kù, ìbéèrè kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

"Dádì, àyè ti tán."

"Àyè wo ló tán? Ìkíni la ṣì wà."

Kì í ṣe pé bàbá mi ṣì í. Láàárín wa, ẹni tó bá já wọ ọ̀rọ̀ láì kí ènìyàn kò ní gbọ́ ohun rere, lẹ́tà rẹ̀ ayé àtijọ́ sì ní ojú-ewé odindi tí ó lè fi kíni. Ibi tí ìwé yìí ń lọ ni kò mọ̀. Àbúrò màmá wa ló mọ̀ ọ́n, nítorí pé irú iṣẹ́ obìnrin náà gan-an ni òun ń ṣe ní Ìkẹjà. Ó wà lọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó gbọ́ àríyànjiyàn náà láti inú ilé ìdáná, ó nu ọwọ́, ó sì mú fóònù tirẹ̀ jáde.

"Bọ̀dá, ẹ wo ohun tí a ń rí níbí."

Ó fi àtàǹpàkò bo àwọn orúkọ, ó sì ń yí ojú fóònù náà lọ sókè. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé kọ̀ọ̀kan ló hàn, ìyókù fara pamọ́ títí a ó fi tẹ̀ ẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn jọ ara wọn bí ẹyin adìẹ. Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ọjọ́ mà. Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà ni ìwé yìí bá yín. Àwọn mìíràn kò ju ìkíni yẹn lọ rárá. Wọ́n kí i, wọ́n sì ń dúró kí ó dáhùn kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n ń wá.

Àǹtí sọ pé, "Bí mo bá dá a lóhùn pé káàárọ̀, mo tún gbọ́dọ̀ padà wá wo ohun tó fẹ́. Kí n tó padà, ìpàdé ti gbé mi lọ. Kì í ṣe ìgbéraga. Ó ti fún mi ní iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan."

Ó fi irú kejì hàn wá, èyí tó ní kí òun bá a wá iṣẹ́, iṣẹ́ èyíkéyìí. "Mi ò ní iṣẹ́ èyíkéyìí lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi lórúkọ, ó sì ní ọ̀gá kan tó ń dúró dè é." Irú kẹta gùn gan-an: ẹnìkan ka ìtàn ayé rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Èyí dùn mí, mo sì rí i pé ó dun Àǹtí náà, nítorí pé ó dákẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí ó ti lè di ohun kan mú. Ìwé náà kò béèrè nǹkan kan.

Bàbá mi wá béèrè ohun tó yẹ kí a béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: irú èwo ni wọ́n wá ń dáhùn?

"Èyí tí mo lè dáhùn láì wá fáìlì, láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí lífíìtì tó gbé mi dé ilẹ̀."

Òṣùwọ̀n lífíìtì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, a sì fi wọn àwọn ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé iṣẹ́ náà ṣì wà? Ìpolówó ṣì wà lójú ọ̀nà, ọjọ́ kò tíì pé, nítorí náà ìdáhùn ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè é fi hàn pé òun kò ka ìpolówó tán. Èló ni owó oṣù? Obìnrin náà lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n lè má fún un láyè láti sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì rí rí. Ṣé wọ́n lè gba òun? Òun nìkan kọ́ ló ń pinnu ìyẹn, àwọn ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò náà wà níbẹ̀. Ṣé ìwé-ẹ̀rí tí yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ ìparí yóò dí ènìyàn lọ́wọ́? Òun ló kọ ìpolówó náà, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyẹn ni lífíìtì lè gbé.

Nípa orúkọ àti ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá mi fẹ́ kí ó kọ, Àǹtí ní kí ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kékeré náà ni àwòrán, orúkọ, àti ìlà kan lábẹ́ orúkọ yóò ti hàn fúnra wọn. Ẹni tó bá tún kọ orúkọ rẹ̀ sínú 200 àmì dà bí ẹni tó wọ aṣọ tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí láyà, tó tún ń pariwo orúkọ náà. Ìlà abẹ́ orúkọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní `Headline`, ló yẹ kí a tún ṣe. Ti ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ọmọ ìran tuntun ni, pé ó ní ìtara, pé ó ń wá àǹfààní. Ó pa á rẹ́. Ó kọ pé òun kọ́ ìmọ̀ nípa oúnjẹ dé ìwé-ẹ̀rí HND, àti pé òun ti lo ọdún kan ní yàrá àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ omi èso. Òótọ́ ni: láàárín ìpele kìn-ín-ní àti ìpele kejì ní gbogboniṣe, ọdún kan ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti lo ọdún tirẹ̀ ní wíwọn bí ṣúgà ti pọ̀ tó nínú omi ọsàn àti bí ó ti kan tó, ní gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ bá fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tí obìnrin náà ń wá gan-an ni, a sì ti gbé e síbi tí kò ná wa ní àmì kan.

Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá nìyí:

"Ẹ káàsán mà. Lórí iṣẹ́ ayẹ-ọjà-wò tí ẹ polówó: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ ìparí ni ìsìnlú mi yóò parí. Ṣé mo lè forúkọ sílẹ̀ báyìí, àbí ìwé-ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́? Ẹ ṣeun mà."

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ inú 200 àmì, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Ìkíni wà níbẹ̀, "mà" náà wà níbẹ̀, nítorí pé bàbá mi kò gbà kí a yọ ọ́, Àǹtí náà kò sì ní kí a yọ ọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tí a ń kọ̀wé sí. Ohun tó yí padà ni pé ìkíni kò gbà ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, orúkọ iṣẹ́ sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìlà àkọ́kọ́ tó máa yọ lójú fóònù lè gbé e dání.

Bàbá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó rán òun létí àrokò. Ó ní nígbà kan, ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkan ti sọ pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé ẹfà ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra, pé òun gbà. Ó dùn mọ́ wa láti gbọ́, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé wọ́n jọ tán. Ẹni tó gba àrokò ti mọ ẹni tó fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn. Owó ẹyọ mẹ́fà láti ọwọ́ àjèjì kò lè sọ nǹkan kan. Obìnrin Ìbàdàn yìí kò mọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ṣeé ṣe kí iṣẹ́ mẹ́rin mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá ènìyàn fún. Bí orúkọ iṣẹ́ kò bá sí nínú ìwé náà, yóò kọ́kọ́ béèrè pé iṣẹ́ wo, ìyẹn ti di ìrìn kejì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló hàn lójú fóònù: `Pending`. Ọjọ́ náà lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. Kò sí ẹni tó gbádùn nínú ilé wa. Màmá mi ní kí ó tún kọ òmíràn bóyá tàkọ́kọ́ kò dé, ṣùgbọ́n Àǹtí ti sọ kí ó tó padà sí Èkó pé ìwé kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi ètò sí ni pé bí ìdáhùn kò bá dé títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi yóò tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀, yóò sì kọ déètì tí yóò parí sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀, kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé kékeré kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó dúró dè é títí ìlẹ̀kùn fi tì ti pàdánù méjèèjì.

Nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn náà ni ìwé mìíràn wọlé, a sì kọ́kọ́ rò pé òun ni. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní aṣojú ilé-iṣẹ́ yẹn ní òun ti rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, pé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, kí ó bọ́ sórí WhatsApp, kí ó sì san 7,500 náírà fún fọ́ọ̀mù àti àyẹ̀wò ara. Bàbá mi ti ń wá owó. Ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ orúkọ ọkùnrin náà kí a wo ojú-ewé rẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ṣí i, kò sí ẹnìkan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀, àdírẹ́sì ímeèlì tó fi sílẹ̀ sì parí sí gmail.com, nígbà tí ti ilé-iṣẹ́ náà ń parí sí orúkọ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Owó tí ó béèrè nìkan tó láti dá a mọ̀. Agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó fún òṣìṣẹ́, kò sí bí òṣìṣẹ́ ṣe máa kọ́kọ́ sanwó fún agbanisíṣẹ́. Wọ́n pa ìwé náà rẹ́, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ohun tó bá ti fóònù wá bí ẹni ń wo ejò.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìdáhùn wọlé. Ìlà méjì ni. Obìnrin náà ní kí ó forúkọ sílẹ̀, kí ó tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó sì kọ déètì ìparí sí ìlà àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀, òun yóò wá a níbẹ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọn yóò wo ìwé-ẹ̀rí, ìyẹn kò sì ní pé kí ó tó oṣù méjì. Kò sí ìlérí kankan nínú rẹ̀, kò sì pe ẹ̀gbọ́n mi ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. Ìbéèrè Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn ṣì wà bí ó ti wà, kọ̀ǹpútà yóò sì yọ orúkọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó kàn jẹ́ pé ènìyàn kan ti wà nísinsin yìí tí yóò lọ wo ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé òun dúpẹ́ mà, òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ yìí. Kò fi ìbéèrè mìíràn kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi ń sọ sí i létí pé kí ó béèrè bóyá wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ nílé. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó parí ìforúkọsílẹ̀, iná mọ̀nàmọ́ná sì lọ kété lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n pè é fún ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní àwọn bí ogún ni wọ́n jókòó, àti pé ìbéèrè tó gba àkókò jù ni bí ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé omi ọsàn kan ti ń kan nínú páálí kí páálí tó wú. Ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún pè é lẹ́yìn náà láti wá bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, obìnrin náà sì wà lára wọn, ó jókòó lápá òsì. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni ó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní pápá ìparí ìsìnlú, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì fi sí ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, wọn kò tíì pè é. Ọjọ́ mọ́kànlá ti lọ, ó sì ti rí ìpolówó mìíràn ní Àgbárá, èyí tí wọn kò kọ ibi tí òṣìṣẹ́ yóò ti máa ṣiṣẹ́ sí, yálà ní ilé-iṣẹ́ ni tàbí nínú ọkọ̀ tó ń gbé ọjà káàkiri. Ó ń ka àmì lọ́wọ́.